Ìbéèrè tó yẹ kó wà lókè ìròyìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀

Ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sábà máa ń ní apá mẹ́ta: iṣẹ́ tó ti parí, ohun tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, àti ìpinnu tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ti àkọ́kọ́ kò le. Ohun tó bá parí ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó "kù díẹ̀" kò tíì parí, torí iṣẹ́ kan lè kù díẹ̀ fún oṣù méjì gbáko.

Apá kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé ẹ̀rí pé àwọn kò káwọ́ gbera ni ìròyìn yìí wà fún. Wọ́n á wá máa to iṣẹ́ jọ bí ẹni tó ń ki oríkì ara rẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kí ọ̀gá dáhùn á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀gá tó ń fi fóònù ka ímeèlì láàárín ìpàdé méjì kì í sábà dé ìsàlẹ̀.

Ká ní àwọn òṣìṣẹ́ kan ń kó àkọsílẹ̀ 40,000 oníbàárà kúrò lórí ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ bọ́ sórí tuntun. 31,000 ti kọjá. 9,000 tó kù ní àbùkù: òmíràn kò ní nọ́ńbà fóònù, òmíràn wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àdéhùn ètò àtijọ́ fẹ́ẹ́ parí, bí wọ́n bá sì fẹ́ fi oṣù kan kún un, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ó pẹ́ tán. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ìdíwọ́ ni pé: "Àwọn àkọsílẹ̀ kan ṣì ní ìṣòro, àkókò sì ń lọ."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìròyìn iṣẹ́, kì í di odindi nínú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá á kà á, á káàánú wọn, á sì kọjá lọ, nítorí kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe ìdíwọ́. Ìdíwọ́ máa ń ní ẹni tó di nǹkan mú, ohun tó di mú, àti ọjọ́ tó ti dì í mú. Níhìn-ín, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀. Ẹni tó máa yan ọ̀kan ni wọ́n ń wá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí, ní ìlà àkọ́kọ́ gan-an:

"Ìpinnu tí a ń fẹ́ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀: ṣé kí a san owó oṣù kan sí i lórí ètò àtijọ́, kí a lè tún àkọsílẹ̀ 9,000 ṣe kí a tó kó wọn, àbí kí a kó wọn bẹ́ẹ̀? Ní tiwa, ti àkọ́kọ́ ló sàn jù. Bí a kò bá gbọ́ èsì, a ó kó wọn bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ Ẹtì, a ó sì fi àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn ni yóò máa béèrè nọ́ńbà tó kù."

Iye owó náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, kí ọ̀gá má baà ní láti kọ̀wé padà kó tó mọ̀ ọ́n.

Gbólóhùn "bí a kò bá gbọ́ èsì" yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì lò jù. Ẹ wò ó pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn kò láṣẹ láti náwó, nítorí náà ìdákẹ́ ọ̀gá kò lè di àṣẹ láti náwó. Ohun tó wà níkàáwọ́ wọn, tó sì ṣeé tún ṣe lẹ́yìn, ni wọ́n lè fi ìdákẹ́ ṣe. Ẹni tó bá kọ "bí ẹ kò bá fèsì, a ó san án" ti ń fi ọgbọ́n gba àṣẹ, ọ̀gá á sì rántí rẹ̀.

Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè náà. Bí ìbéèrè bá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá márùn-ún láìdárúkọ, kálukú á rò pé ẹnì kejì òun ti fèsì. Àwọn yòókù lè gba ẹ̀dà, kí wọ́n kàn mọ̀ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìlà àkọ́kọ́ ìròyìn á sọ ohun tí wọ́n pinnu, ẹni tó pinnu rẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣe é. Bí èsì kò bá wá, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n ṣe ní òwúrọ̀ Ẹtì, àti iye àkọsílẹ̀ tó ṣì ní àmì lára.