Ètò ìtọ́jú nọ́ọ̀sì fún àgbàlagbà tí kò lè dìde, tí egbò ìdùbúlẹ̀ lè tètè mú

Ètò ìtọ́jú nọ́ọ̀sì lórí egbò ìdùbúlẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ń là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe dáàbò bo awọ ara aláìsàn tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ewu tí aláìsàn náà wà, ohun tó fa ewu ọ̀hún, iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe, ẹni tí yóò ṣe é àti àmì tí wọn yóò fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ní Èkó, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé ni ó ti ń le jù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ, tí ìtọ́jú sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ àti nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé.

Bí egbò náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ máa ń fún awọ àti ẹran ara mọ́ àárín egungun àti bẹ́ẹ̀dì. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà níbẹ̀ á pa dé, ẹran ara kò sì ní í rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á ti yí padà kó tó di wàhálà, kódà lójú oorun. Ẹni tí kò lè yíra padà ni ibẹ̀ yóò kú mọ́ lára. Egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lókè ìdí àti gìgísẹ̀ ni ó sábà máa ń mú jù, lẹ́yìn náà ni ìbàdí, kókósẹ̀, ìgúnpá àti ìpàkọ́.

Ohun kejì tó ń fà á kò hàn sójú bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè jù, ara aláìsàn á máa yọ̀ wá sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ìdí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Egungun ń lọ, awọ dúró, òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín wọn á sì lọ́. Ìdí nìyí tí egbò fi lè ti jẹ inú lọ kí awọ òde tó fi ohunkóhun hàn.

Wíwọn ewu

Òṣùwọ̀n Braden wà lára àwọn èyí tí nọ́ọ̀sì ń lò jù. Barbara Braden àti Nancy Bergstrom ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1987. Ohun mẹ́fà ni ó ń wò: bóyá aláìsàn ń mọ ìrora lára, bí ìtọ̀ tàbí òógùn ṣe ń rin ara rẹ̀ tó, bóyá ó ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, bóyá ó lè yí ara rẹ̀ padà, bó ṣe ń jẹun sí, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń ha mọ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí yọ̀ lórí rẹ̀. Máàkì 1 sí 4 ni wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi èyí tó kẹ́yìn tí kò kọjá 3. Bí àpapọ̀ bá ṣe kéré sí ni ewu ṣe pọ̀ sí: ewu ti wà láti 18 wá sílẹ̀, 10 sí 12 jẹ́ ewu ńlá, 9 sísàlẹ̀ sì burú ju ìyẹn lọ.

Àpapọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ fáìlì máa ń kọ, tí wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Kò tó. Ènìyàn méjì lè gba 11 kí ohun tí ó ń bá wọn jà yàtọ̀ pátápátá. Máàkì kékeré tí ó wà lábẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe, ibẹ̀ náà sì ni ètò tó dára ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ní Súrùlérè

Ká mú ìyá àgbà kan, ẹni ọdún 78, tí wọ́n wọn kílò 52, tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní apá òsì, tí wọ́n sì ti padà sílé ní Súrùlérè. Ọmọbìnrin wọn ń tajà, ó ń kúrò nílé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọmọ-ọmọ kan ń dé láti ilé ìwé ní ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì ń wá lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ìyá ń mọ ìrora, ṣùgbọ́n kì í tètè ká wọn lára ní apá òsì, nítorí náà máàkì 3. Ìtọ̀ ń jáde lára wọn láìmọ̀, 2. Wọn kì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, 1. Wọ́n lè sún díẹ̀ fúnra wọn, 2. Ìdajì oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, 2. Gbogbo ìgbà ni ara wọn ń yọ̀ wá sísàlẹ̀, 1. Àpapọ̀ jẹ́ 11.

Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sí ibi àfojúsùn ètò ni pé láàárín ọjọ́ 7, awọ kò gbọdọ̀ bó níbikíbi, àmì yòówù tó bá sì hàn nígbà tí wọ́n bá yí ìyá padà gbọ́dọ̀ ti parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 30. Èyí ṣe é yẹ̀ wò. “Kí awọ ara dára” kò ṣe é yẹ̀ wò.

Yíyí padà ni iṣẹ́ tó gba ìrònú jù. Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó ní wákàtí méjì-méjì láìsọ ẹni tí yóò jí ní aago méjì òru kì í ṣe ètò. Àwọn ìtọ́sọ́nà kan, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba wákàtí mẹ́rin láàyè fún ẹni tó wà nínú ewu ńlá, bí fóòmù bá dára tí awọ kò sì yí àwọ̀ padà. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì yìí fi wákàtí méjì-méjì sí ojúmọmọ, ó fi mẹ́rin-mẹ́rin sí òru, ó sì kọ orúkọ ẹni sí iwájú àkókò kọ̀ọ̀kan. Láti aago mẹ́jọ títí ọmọ-ọmọ yóò fi dé kò sẹ́ni nílé. Ibẹ̀ ni ètò náà ti fẹ́ já. Aládùúgbò kan gbà láti máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò náà, nọ́ọ̀sì sì fi ìbẹ̀wò tirẹ̀ sí aago mẹ́wàá.

Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn dà wọ́n dé ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbọnrangandan ti gbé gbogbo ìwúwo lé egungun ìbàdí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ki ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn láti èjìká dé ìbàdí kí ara lè dà díẹ̀, bí ìwọ̀n dígíríì 30, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti ìbàdí má sì kan bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì á wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí láti rí i dájú. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ ní apá òsì tó ti kú bíi ti ọ̀tún. Ènìyàn méjì ni ó ń fi aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ wọn gbé wọn sókè. Fífà ni ó ń họ awọ.

Oúnjẹ mú àtakò kan wá. Kí ara má baà yọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ kọjá dígíríì 30. Ṣùgbọ́n ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè gbé oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò yẹ, àfi kí ó jókòó dáadáa. Wọ́n ṣe é báyìí: wọ́n á kọ́kọ́ ká orúnkún wọn sókè, kí wọ́n tó gbé orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á sì gbé e wálẹ̀. Èèyàn tí kò bá ká orúnkún aláìsàn kí ó tó gbé orí bẹ́ẹ̀dì ti fà á yọ̀ kí ṣíbí tó dé ẹnu.

Ní ti ohun tí wọ́n ń jẹ, giramu púrótéènì 1.25 sí 1.5 lójúmọ́ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dámọ̀ràn, èyí tó jẹ́ 65 sí 78 fún ìyá yìí. Ẹyin kan ní nǹkan bíi giramu 6, ẹja títọ́ọ̀sì tí ó tó giramu 100 sì ní bíi 20. Ẹ̀kọ gbígbóná nìkan láàárọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Wọ́n fi mílíìkì sí i, wọ́n fi mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ sí ọ̀sán, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ sí alẹ́. Bí kíndìnrín bá ní àrùn, dókítà ni yóò sọ iye tó yẹ.

Ìtọ̀ àti òógùn ń rọ awọ. Nígbà tí wọ́n bá ń yí ìyá padà ni wọ́n ń yẹ páńpáàsì wò, wọ́n ń fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ wọ́n, wọ́n ń fi aṣọ tẹ omi kúrò lára dípò kí wọ́n nù ún, wọ́n á wá fi ìpara síńkì tàbí fásílìnì pa ibẹ̀. Nínú ooru Èkó, máakintọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò bá ní aṣọ òwú lórí máa ń mú awọ gbóná kí òógùn sì rin ín.

Àwọn àṣà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

Àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sípíríìtì àti páúdà pa ibi tó ń pọ́n, tí wọ́n á sì máa fi ọwọ́ ra á. A mọ̀ báyìí pé sípíríìtì ń gbẹ awọ, rírà sì ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti rẹ̀ jẹ́ sí i. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n bu omi sí tí wọ́n kì sábẹ́ gìgísẹ̀ àti rọ́bà róbótó oníhò láàárín tí wọ́n ń fi jókòó kò dára: wọ́n kàn ń kó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ sí etí ibẹ̀ ni. Gìgísẹ̀ yẹ kó wà ní òfúrufú, kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ odo-ẹsẹ̀, kí orúnkún ká díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì oníafẹ́fẹ́ tó ń fẹ̀ tó ń sọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n iná ni ó ń lò. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì sí, afẹ́fẹ́ á jò, aláìsàn á sì sùn lórí pákó. Níbi tí iná kò ti dúró, fóòmù tó nípọn tó sì dára ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń ki ọwọ́ sí abẹ́ fóòmù níbi tí ìdí wà. Bí ohun tó wà láàárín ọwọ́ àti ara kò bá tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, fóòmù ti kú.

Wíwo awọ dúdú

Ìwé tó bá ní kí wọ́n wo ibi tó pupa kò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú, nítorí pé ìpọ́n kì í tètè hàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe ni pé kí ó fi ibẹ̀ wé awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ tàbí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: ṣé ó dúdú tàbí pọ́n bí àyìnrín jù, ṣé ó ń dán, ṣé ó gbóná tàbí tutù, ṣé ó le tàbí ó rọ̀ bíi ti èso tó fẹ́ rà, ṣé ó ń dun ìyá tí a bá kàn án?

Ní ọjọ́ kẹrin nínú àpẹẹrẹ wa, gìgísẹ̀ òsì ìyá ti dúdú ju ti ọ̀tún lọ, ó sì rọ̀. Wọ́n wo ìwé, gbogbo ìgbà ni wọ́n kọ “a ti yí wọn padà”. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ-ọmọ fi bó ṣe ń ṣe é hàn, ìrọ̀rí wà lábẹ́ gìgísẹ̀ gan-an, nítorí pé ohun tí ìwé ní ni “ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀”. Nọ́ọ̀sì ya àwòrán ẹsẹ̀ kan sára ògiri, ó sì yí fọ́ọ̀mù padà kí wọ́n máa kọ ẹ̀gbẹ́ tí ìyá fi lélẹ̀ àti bí gìgísẹ̀ ṣe rí, dípò àmì pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ nìkan. Ó wọn Braden lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dín wákàtí òru kù sí méjì-méjì títí gìgísẹ̀ yóò fi le padà.

Bí awọ bá ti bó, bí ibẹ̀ bá dúdú kirikiri, bí ó bá ń rùn, tàbí bí ibà bá bá a wá, ètò ìdènà ti parí, ìtọ́jú egbò ni ó kù, ilé ìwòsàn sì ni ibi tó yẹ. Ètò náà tún yí padà bí ìyá bá ti súnmọ́ òpin ayé wọn. Nígbà náà, awọ lè bó láìka gbogbo ìtọ́jú sí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó dé ibẹ̀ mọ́, yíyí padà tó bá sì ń dun wọ́n ju bó ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ ni wọ́n máa ń dín kù, wọ́n á sì jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó bá rọ̀ wọ́n lára.