"₦200,000 gbáko ni yóò máa wọlé": kí ni ọ̀gá ń bá yín rù?

Àwọn tó ń wáṣẹ́ ní ilé-ìwé aládàáni ní Kàbà, ní ilé ìwòsàn ní Ìsánlú tàbí lọ́dọ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe ní Ọbajana sábà máa ń gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ọ̀gá: "₦200,000 gbáko ni yóò máa wọ àkáǹtì yín lóṣooṣù. Owó orí àti pẹ́ńṣàn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa." Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹ ó mọ iye tí ẹ fẹ́ ná kí oṣù tó parí. Ṣùgbọ́n òfin kì í fi owó tó wọ àkáǹtì ṣírò ohunkóhun. Àpapọ̀ owó-oṣù, ìyẹn iye tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀ kan kúrò, ni wọ́n fi ń ṣírò pẹ́ńṣàn àti owó orí. Bí ẹ kò bá mọ iye yẹn, ẹ kò tíì mọ owó-oṣù yín.

Ẹ jẹ́ ká wá a. Ká ní òṣìṣẹ́ náà ń gbé ní Kàbà, kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní ogún òṣìṣẹ́, gbogbo owó rẹ̀ sì jẹ́ owó-oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀, nítorí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ń wò. Òṣìṣẹ́ yóò fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún pẹ́ńṣàn. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, nínú ohun tó kù lẹ́yìn pẹ́ńṣàn, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e ń san ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. ₦200,000 lóṣù jẹ́ ₦2,400,000 lọ́dún, ọ̀nà tí a ó sì gbà padà sẹ́yìn nìyí:

```
(2,400,000 − 120,000) ÷ (0.92 × 0.85) = 2,915,601
```

₦120,000 ni ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ₦800,000 tí kò ní owó orí. 0.92 ni ohun tó kù lẹ́yìn pẹ́ńṣàn, 0.85 sì ni ohun tó kù lẹ́yìn owó orí. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá: àpapọ̀ owó-oṣù náà jẹ́ ₦242,967. Pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ gba ₦19,437 níbẹ̀, owó orí gba ₦23,529, ₦200,000 wọ àkáǹtì. Ìṣirò yìí ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bíi ₦222,500 àmúrelé lóṣù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá méjìdínlógún ti wọ ọ̀rọ̀. Àwọn kan kàn máa ń fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ₦200,000, wọ́n á ní ₦230,000 ni. Wọ́n ti gbàgbé pẹ́ńṣàn, wọ́n sì ti gba owó orí lórí ohun tí òfin yọ̀ǹda.

Nǹkan bíi ₦43,000 yẹn ni ọ̀gá ń bá yín rù. Ọ̀tọ̀ ni ti ara rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá pẹ́ńṣàn tí òfin gbé lé agbanisíṣẹ́ lórí jẹ́ ₦24,297. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń lọ sápò àwọn òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ₦2,430. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ èyíkéyìí nínú méjèèjì lára owó yín, nítorí náà bó bá kà wọ́n mọ́ oore tó ń ṣe yín, ẹ rọra dá a lóhùn. Tí òṣìṣẹ́ kò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òfin kò fi pẹ́ńṣàn ṣe dandan. Àpapọ̀ owó-oṣù yóò wá jẹ́ ₦223,529 péré. Ẹ tètè béèrè iye òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni pẹ́ńṣàn. Akọ̀wé owó á rí ₦200,000 nínú lẹ́tà, á sì fi ṣírò ìdá méjìdínlógún tó yẹ kó lọ sí àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín. Ìyẹn jẹ́ ₦36,000, ohun tó sì yẹ kó wọlé ni ₦43,734. Ó lé ní ₦92,000 tó sọnù lọ́dún kan, kò sì hàn rárá lára owó tó ń wọ àkáǹtì báńkì yín. Ibi tí yóò ti hàn ni àkọsílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú pẹ́ńṣàn yín ń fi ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí owó-oṣù bá wọlé ló yẹ kí agbanisíṣẹ́ fi pẹ́ńṣàn ránṣẹ́; ẹ wo oṣù kejì, ẹ má dúró dìgbà ìfẹ̀yìntì. Ti owó orí ń lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ Kogí, nítorí ibi tí ẹ ń gbé ló ṣe pàtàkì, ìbáà jẹ́ Èkó ni olú ilé-iṣẹ́ náà wà.

Ohun kejì ṣàrà díẹ̀. Òfin tuntun gba òṣìṣẹ́ láàyè láti yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san lọ́dún, kó má ju ₦500,000 lọ, kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ẹni tó ń san ₦300,000 ní Kàbà lè yọ ₦60,000. Bó bá jẹ́ àpapọ̀ owó-oṣù ló wà nínú lẹ́tà rẹ̀, ₦9,000 yóò kù sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ₦200,000 àmúrelé ló wà níbẹ̀, rìsíìtì tó fà jáde nínú àpò ara rẹ̀ yóò dín àpapọ̀ owó-oṣù kù sí ₦242,008. Ọ̀gá jèrè, pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ sì dínkù díẹ̀. Bákan náà ló rí nígbàkigbà tí ìjọba bá dín owó orí kù. Bí ó bá sì pọ̀ sí i, ọ̀gá ni yóò jìyà rẹ̀, àfi bó bá wá dúnàádúrà tuntun pẹ̀lú yín. Ó sì máa ń wá.

Nítorí náà, èmi á ní kí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kọ àpapọ̀ náà, ₦242,967, gẹ́gẹ́ bí owó-oṣù, kí ₦200,000 wà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí kò gbọ́dọ̀ dín. Bí ọ̀gá bá kọ̀, tó ní àmúrelé nìkan lòun ń kọ, ẹ jẹ́ kó dárúkọ ohun tó ń rù: owó orí lórí owó-oṣù yìí àti ìdá mẹ́jọ pẹ́ńṣàn. Kó kọ ọ́ pé rìsíìtì owó ilé òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ló ni àǹfààní rẹ̀. Àjẹmọ́nú, gbèsè kọpuréètífù àti owó ọjọ́ tí ẹ kò wá sẹ́nu iṣẹ́ kò sí lára ohun tó ń rù, ẹ má sì bínú sí i lórí ìyẹn.

Ẹ má gbàgbé owó ọdún. Bó bá ní òun ó fún yín ní oṣù kan ní Kérésìmesì láìsọ irú èyí tó jẹ́, ₦170,000 lè wọlé, nítorí owó orí yóò gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ₦200,000 tó lè wọlé, ₦235,294 ni yóò gbé kalẹ̀. Nípa àfikún owó-oṣù, ẹni tó bá béèrè ₦20,000 àmúrelé ń béèrè ₦25,575 lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ìdá mẹ́wàá pẹ́ńṣàn tirẹ̀ tó gun orí rẹ̀. Ẹ mú iye kejì yìí dání lọ sídìí tábìlì, torí òun ni akọ̀wé owó rẹ̀ yóò sọ fún un.