Bí a ṣe ń ṣírò ibi tí àkàbà ga dé lára ògiri

Àkàbà (tàbí àkàsọ̀) tí a gbé ti ògiri, ògiri náà fúnra rẹ̀, àti ilẹ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ àkàbà àti ìdí ògiri, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n parapọ̀ di onígun mẹ́ta. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí ògiri sì dúró ṣánṣán, igun 90° ló máa wà níbi tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé. Igun yìí ni àwọn bíríkìlà ń pè ní sìkúwéà. Òfin onígun mẹ́ta tó ní irú igun bẹ́ẹ̀, èyí tí a fi orúkọ Pitagórásì ará Gíríìsì àtijọ́ pè, ni a fi ń mọ bí orí àkàbà ṣe ga tó láì gbé téèpù gun òkè.

Ohun tí òfin náà sọ ni pé bí a bá sọ ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù di ìlọ́po ara rẹ̀, ohun tí a máa rí yóò bá àpapọ̀ ìlọ́po ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù mu. Àkàbà ni ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, torí òun ló dojú kọ igun 90° náà. Nígbà tó jẹ́ pé gíga lára ògiri ni a ń wá, a máa yọ ìlọ́po ti ilẹ̀ kúrò nínú ìlọ́po ti àkàbà:

h² = L² − d²

L ni gígùn àkàbà, d ni bí ẹsẹ̀ àkàbà ṣe jìnnà sí ògiri tó, h sì ni gíga tí a ń wá.

Ká ní àkàbà gùn ní mítà 5, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jìnnà sí ògiri ní mítà 1.4. A ó kọ́kọ́ ṣe 5 lọ́nà 5, ó jẹ́ 25. Lẹ́yìn náà, 1.4 lọ́nà 1.4 jẹ́ 1.96. Bí a bá yọ 1.96 kúrò nínú 25, ó ku 23.04. Iye yìí kì í ṣe gíga o. Ìlọ́po gíga ni. A ní láti wá gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó di 23.04. Nọ́ńbà náà ni 4.8. Orí àkàbà fara ti ògiri ní mítà 4.8 sókè.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ro nǹkan pọ̀ níbi tó ti yẹ kó yọ. 25 àti 1.96 jẹ́ 26.96, gbòǹgbò rẹ̀ sì tó 5.19. Kíá ni a máa mọ̀ pé kò tọ̀nà, torí àkàbà mítà 5 kò lè dé mítà 5.19 lára ògiri. Àṣìṣe kejì ṣòro láti rí díẹ̀: kí a yọ 1.4 kúrò nínú 5 tààrà, kí a sì sọ pé mítà 3.6 ni gíga. Ìyẹn á túmọ̀ sí pé èèyàn tó rìn láti ẹsẹ̀ àkàbà dé ìdí ògiri, tó wá gun ògiri náà lọ sókè, rin ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tó gba ara àkàbà lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbùjá ni àkàbà jẹ́. Ìwọ̀n tí kò bára mu náà máa ń ba ìṣirò jẹ́, bíi kí àkàbà wà ní mítà kí ilẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà.

Ibi tí a ti ń wọn nǹkan náà ṣe pàtàkì. L kì í ṣe gígùn tí wọ́n kọ sára àkàbà ní ọjà, bí kò ṣe láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó ti kan ògiri gan-an. Àkàbà alápá méjì tí a máa ń fà gùn ní apá tó gorí ara wọn, nítorí náà ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti fà á tán ni kí a tó wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ pé etí òrùlé tó yọ síta ni àkàbà fara tì, abẹ́ etí òrùlé náà gan-an ni a ti máa wọn d, kì í ṣe ìdí ògiri. Okùn tí a so nǹkan wúwo mọ́, tí a sì jù sílẹ̀ láti etí òrùlé, á fi ibẹ̀ hàn.

Bí ẹsẹ̀ àkàbà ṣe ń kúrò lẹ́bàá ògiri, gíga kì í dín kù bákan náà. Àkàbà mítà 5 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní mítà 1 dé nǹkan bíi mítà 4.9. Bí ẹsẹ̀ náà bá dé mítà 2, ó ṣì dé 4.58. Ṣùgbọ́n láti mítà 3 sí mítà 4, gíga já láti mítà 4 sí mítà 3, odindi mítà kan. Ìdí nìyí tí àkàbà tó ń yọ̀ fi máa ń rọra bẹ̀rẹ̀, tí á sì wá já lulẹ̀ lójijì.

Kò sì dára kí a tìtorí gíga sún un mọ́ ògiri jù, torí yóò fẹ́ ṣubú sẹ́yìn pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ìlànà ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni pé kí d jẹ́ ìdá mẹ́rin gígùn tí a ń lò lára àkàbà; ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní bí a bá gòkè ní 4, kí a jáde ní 1. Igun tó wà láàárín àkàbà àti ilẹ̀ máa tó 75°. Fún àkàbà mítà 5, d jẹ́ 1.25, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 4.84. Ìyẹn fi hàn pé 1.4 tí a lò lókè ti jìnnà díẹ̀ jù; ìdáhùn tó mọ́ tónítóní ló mú kí a lò ó. Ti àwọn ìwé ìṣirò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 3, 4 àti 5 tí wọ́n fẹ́ràn máa ń fi àkàbà sílẹ̀ ní nǹkan bíi 53°, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gùn.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Wàláà amọ̀ BM 85196 láti Babilóníà àtijọ́, tó wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ̀rọ̀ nípa igi kan tó gùn ní 30, tó dúró ti ògiri, tí orí rẹ̀ wá yọ̀ wálẹ̀ ní 6. Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe sún jáde tó? Gíga tó kù jẹ́ 24. Ìlọ́po 30 jẹ́ 900, ìlọ́po 24 jẹ́ 576, ó ku 324, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni 18.

Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ̀, kò sí igun 90° mọ́, òfin náà kò sì ní bá ohun tí a wọ̀n mu tààrà. Bí ilẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ògiri, a máa na okùn tó tẹ́jú láti ìdí ògiri dé òkè ẹsẹ̀ àkàbà; gígùn okùn yìí ni d. A ó wá wọn bí ẹsẹ̀ àkàbà ṣe wà nísàlẹ̀ okùn náà tó, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú h. Bí okùn bá jẹ́ mítà 1.4, tí ẹsẹ̀ àkàbà mítà 5 sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 12 nísàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí àkàbà dé láti ìdí ògiri jẹ́ 4.80 dín 0.12, ìyẹn mítà 4.68.