Bí iléeṣẹ́ adójútòfò bá dákẹ́, kí ni lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ fi han NAICOM?

Ìbéèrè: Ọkọ̀ mi ní ìjàǹbá. Mo ti kọ lẹ́tà méjì sí iléeṣẹ́ adójútòfò mi, mo sì ti pè wọ́n títí, wọn kò dá mi lóhùn. Ṣé mo lè fẹjọ́ wọn sun NAICOM báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tún àwọn lẹ́tà méjèèjì kà. NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Ohun tí yóò fún ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀rí pé ẹ̀sùn náà dé ọwọ́ iléeṣẹ́, pé wọ́n ní àsìkò tó tó láti fèsì, àti pé wọ́n dákẹ́. Ìpè orí fóònù nìkan kò lè fi èyí hàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní ọkọ̀ ẹnì kan ní ìjàǹbá n'Íbàdàn ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2024, tó sì kó ìwé ìbéèrè owó òfò rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ ní ọjọ́ 14. Òfin Ìdójútòfò ọdún 2003, abala 70, ló wà lójú ọpọ́n nígbà náà, ó sì fún iléeṣẹ́ ní 90 ọjọ́ láti sanwó tàbí láti kọ̀wé sọ ìdí tí wọn kò fi ní san. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni 90 ọjọ́ náà pé. (Òfin tuntun ti gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2025, nítorí náà, ẹni tí òfò rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò gbọdọ̀ fi 90 ọjọ́ yìí ka tirẹ̀.)

Lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìwé àdéhùn, ọjọ́ tí òfò ṣẹlẹ̀, iye owó tó ń béèrè, àti orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tó fi lé wọn lọ́wọ́: ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, fọ́tò ọkọ̀, ìwé iye owó tí mẹkáníìkì yóò gbà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́, nítorí pé iléeṣẹ́ lè sọ pé ìwé kò pé, ẹni tí kò sì to orúkọ àwọn ìwé náà sínú lẹ́tà kò ní ohun tí yóò fi já wọn nírọ́. Kí ó gba òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tirẹ̀. Bó bá gba ọwọ́ alágbàtà, kí ó béèrè ẹ̀rí pé alágbàtà náà fi í ránṣẹ́.

Lẹ́tà kejì, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, kì í ṣe ìránnilétí lásán. Kí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Ẹ̀sùn", kí ó tọ́ka sí ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀, kí ó béèrè ìwé tó bá kù, kí ó sì dá ọjọ́ kan pàtó, bí 27 oṣù kẹfà, tí òun yóò lọ bá NAICOM bí èsì kò bá wá.

Bí lẹ́tà kejì yín kò bá ní èyí, ẹ tún un kọ lónìí, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀. Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá kọjá, ẹ kó ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì, ìwé àdéhùn àti rìsíìtì owó tí ẹ san ránṣẹ́ sí NAICOM, kí ẹ sì to gbogbo rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn.