Lẹ́tà Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Kì í Ṣe Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílùú Ọba ló mọ̀ pé bí wọ́n bá lé èèyàn níbi iṣẹ́, ó lè kọ̀wé pé ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ohun tó ń dunni ni ohun tí a máa ń kọ sínú rẹ̀: "Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi, mo lọ́mọ mẹ́ta." Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń tọrọ àforíjì ti fẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi, kò sì tíì fún ẹni tó fẹ́ tún ẹjọ́ gbọ́ ní ìdí kankan tó lè fi yí i padà.

Ìlànà Acas, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́, èyí tí ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ máa ń wò bí ẹjọ́ bá délẹ̀, sọ pé kí òṣìṣẹ́ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí máníjà tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ọ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ìdí yẹn ni gbogbo iṣẹ́ lẹ́tà náà.

Ká ní wọ́n lé òṣìṣẹ́ alẹ́ kan nítorí pé kò yí ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà ní aago méjì òru, síbẹ̀ tó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ṣe é. Máníjà tó fẹ̀sùn kàn án ló ṣe ìwádìí, òun náà ló sì dájọ́. Bí òṣìṣẹ́ yìí bá kọ ọ́ pé "Máníjà yẹn kórìíra mi," inú ọkàn ẹlòmíràn ló ń tọ́ka sí, kò sẹ́ni tó lè wọbẹ̀ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ pé "Orúkọ kan náà ló wà lábẹ́ ìwé ìwádìí àti lábẹ́ ìwé ìdájọ́," ẹni tó bá ṣí fáìlì yóò bá a níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ agogo ìpè máa ń tọ́jú àkókò. Ó lè fi hàn pé aláìsàn yàrá 14 tẹ agogo ní 1:52, tí wọn kò sì pa agogo náà títí di 2:20. Òṣìṣẹ́ náà wà lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Ní 2:25 ló yí ìyá àgbà padà, ó wá buwọ́ lu àpótí tí wọ́n ti tẹ 2:00 sí lórí fọ́ọ̀mù. Kó béèrè pé kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ agogo náà jáde. Kó sì gbà pé ó yẹ kí òun kọ 2:25 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbígba èyí kò sọ ọ́ di ẹlẹ́bẹ̀, torí òun ló máa gbé ìdí tó kẹ́yìn dúró: fún ọdún mẹ́fà tí kò gba ìwé ìkìlọ̀ rí, ìyà náà ti pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ibi tó wù mí jù ni ìlà ìparí, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń sọ irú ìgbọ́ ẹjọ́ tó fẹ́. Bí ẹjọ́ bá kúrò lọ́dọ̀ baálé ilé tó dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, mọ́gàjí lè kàn bi baálé pé, "Báwo lẹ ṣe dá a?" Ó sì lè ní kí wọ́n tẹ́ ẹní, kí tọ̀tún-tòsì jókòó, kí wọ́n rò ó látòkè délẹ̀. Èkejì ni kí òṣìṣẹ́ wa béèrè fún, torí pé ẹ̀rí agogo kò sí níwájú ẹni tó kọ́kọ́ dájọ́.

Ó ní ẹ̀gbẹ́ kejì o. Lọ́dún 2006, nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ OCS, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé gbogbo ìgbésẹ̀ lápapọ̀ ni kí wọ́n wò. Àtúngbọ́ tó dáa lè wo àbùkù ti àkọ́kọ́ sàn. Bí mọ́gàjí bá gbọ́ ọ dáadáa tó sì tún dá a lẹ́bi, àríwísí pé ẹni kan náà ló ṣèwádìí tó sì dájọ́ lè má lágbára mọ́ ní kóòtù. Lójú tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí òtítọ́ ni òṣìṣẹ́ wá, kì í ṣe àṣìṣe máníjà.

Kò yẹ kó wá jókòó ti èsì. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́ ni wọ́n sábà máa ń ka gbèdéke kóòtù, wọn kì í dúró de ìdáhùn lẹ́tà, nítorí náà kó tètè kàn sí Acas. Bó bá sì jàre nínú àtúngbọ́ náà, bí ẹni pé wọn kò lé e rí ni: iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ, owó oṣù àwọn ọ̀sẹ̀ tó fi wà nílé sì di gbèsè lọ́rùn ilé-iṣẹ́. Ẹjọ́ ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Folkestone ni Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi tún èyí sọ lọ́dún 2018. Ẹni tí kò bá fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́, kó rò ó dáadáa kó tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.