Píìkì tó kángun sápá ọ̀tún kọ́ ni mólékúùlù nígbà gbogbo

Ohun tó ń múnú bíni jù nínú ripọ́ọ̀tù màsì sípẹ́kítírọ́mẹ́tà, ẹ̀rọ tó ń fọ́ mólékúùlù tó sì ń fi píìkì sàmì sí ìwọ̀n èérún kọ̀ọ̀kan, ni kéèyàn kàn wo píìkì tó kángun sápá ọ̀tún, kó kọ "áyọ́ọ̀nù mólékúùlù", ìyẹn odindi tí ò fọ́, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, odindi mólékúùlù yẹn lè ti fọ́ tán kó tó débi tí wọ́n ti ń kà á. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń gbá a, 70 eV lagbára ẹ̀, ó ju ohun tó so átọ́ọ̀mù pọ̀ lọ dáadáa, àwọn álíkóhọ́ọ̀lù kan ò sì lè fara da irú ìgbájú bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ohun kan tá ò tíì mọ̀: píìkì ẹ̀ tó hàn gbangba ni 73, 70, 59 àti 55, 59 ló ga jù. Ẹni tó bá ní 73 ni odindi, ẹ bi í pé kí ló já bọ́ lára 73 tó fi di 70? 3 nìyẹn o, haidirojín mẹ́ta kì í dédé já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. 73 sí 59 wá ńkọ́? 14 ni, CH2, ìyẹn náà kì í ṣí kúrò bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, mólékúùlù tí kò ní naitirojín, iye tó ṣeé pín sí méjì ló máa ń wọ̀n, 73 ò sì ṣeé pín.

Ká wá fi 88 dán an wò. Yọ 15, ó di 73, mẹ́táìlì, CH3, ló lọ. Yọ 18, ó di 70, omi ló lọ. Yọ 29, ó di 59, ẹ́táìlì, C2H5, nìyẹn. 55 gan-an, 70 tó tún sọ mẹ́táìlì nù ni. Ó dà bí àpáàdì ìkòkò tó fọ́: ìkòkò ò sí ńlẹ̀ mọ́, àmọ́ ojú ibi tó ya ń sọ bó ṣe tóbi tó, kódà ó ń sọ ibi tí ò ti nípọn (àpáàdì ò purọ́ rí, ẹni tó ń tò ó pọ̀ ló ń purọ́).

Ibi tó ya yìí gan-an ló dùn jù. C5H12O ló máa jẹ́ 88, omi tó lọ sì ń tọ́ka sí OH. Kábọ́ọ̀nù tó di OH mú ni nǹkan ti máa ń já, èyí tó tóbi ló sì ń yá láti lọ, ìdí nìyẹn tí 59 fi ga ju 73. Mẹ́táìlì àti ẹ́táìlì wà lára kábọ́ọ̀nù kan náà nìyẹn, ó di 2-mẹ́táìlì-2-bútánọ́ọ̀lù. 3-pẹ́ntánọ́ọ̀lù náà máa ń fún wa ní 59, àmọ́ kò ní mẹ́táìlì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ OH tó máa já, torí náà 73 ò ní ga bẹ́ẹ̀.

Nínú ripọ́ọ̀tù, ohun tó yẹ kéèyàn kọ ni pé áyọ́ọ̀nù mólékúùlù kò hàn, a ṣírò ẹ̀ sí 88 látara 73, 70 àti 59. Kó má kọ ọ́ bíi pé ó fojú rí i. Tí ẹ̀rọ tó ń ka ìwọ̀n dé nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn ojúàmì bá wà, kó fi yẹ 59 wò: 59.049 ni C3H7O, 59.013 ni C2H3O2. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi ojúlówó 2-mẹ́táìlì-2-bútánọ́ọ̀lù gba inú ẹ̀rọ kan náà, kó wò ó bóyá àkókò kan náà ni òun àti èyí tá ò mọ̀ jáde, pẹ̀lú àwọn píìkì yẹn.