Bí Orin Gọ́spẹ́lì Ṣe Di Ohùn Orin Sóòlù àti Pọ́ọ̀pù

Orin gọ́spẹ́lì tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olórin sóòlù àti pọ́ọ̀pù lónìí ti wá. Bí wọ́n ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gùn kọjá nóòtì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, bí ohùn ṣe máa ń ha lójijì, bí àwọn elégbè ṣe máa ń dá wọn lóhùn, àti bí orin ṣe máa ń gbóná sí i nígbà tó yẹ kó ti máa parí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ẹ̀ ti jáde. Ohun tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ìgboro kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin, torí ọ̀rọ̀ rọrùn láti pààrọ̀, wọ́n á kàn yọ Jésù kúrò wọ́n á fi olólùfẹ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń lo ohùn ló rékọjá, ìyẹn ò sì yí padà rárá.

Orin Dókítà Watts

Isaac Watts jẹ́ pásítọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ ìwé orin mímọ́ ẹ̀ jáde ní 1707, orin yẹn sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ìwé orin, àwọn olówó ẹrú ò sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ ìwé kíkà, nítorí náà díákónì kan á pe ìlà kan sókè, gbogbo ìjọ á wá gbà á, wọ́n á fà á díẹ̀díẹ̀, kò sí ìlù, kò sí dùùrù, kálukú á sì máa yí ohùn tiẹ̀ ká nóòtì náà bó ṣe wù ú. Àwọn onítẹ̀bọmi aláwọ̀ dúdú ṣì ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní orin Dókítà Watts, kódà tí kì í bá ṣe Watts ló kọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rí i pé lílé àti ègbè ti wà níbẹ̀, yíyí ohùn náà ti wà níbẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni pe nǹkan kan ní gọ́spẹ́lì.

Thomas A. Dorsey ló fi ìlù àti kọ́ọ̀dù orin blúùsì sí i. Wọ́n bí i ní Jọ́jíà ní 1899, orúkọ tó ń jẹ́ lóde ni Georgia Tom, òun ló sì máa ń tẹ dùùrù fún Ma Rainey, olórin blúùsì. Ní 1932 ìyàwó ẹ̀ kú sí orí ìkúnlẹ̀, ọmọ náà sì tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ló kọ "Take My Hand, Precious Lord". Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ṣìkágò ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ orin ẹ̀ sétí, wọ́n ní orin ilé ọtí ni. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń kọ ọ́.

Soul Stirrers àti Sam Cooke

Àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin mẹ́rin-mẹ́rin ló gbé ohùn gọ́spẹ́lì kiri ìlú, wọ́n máa ń pè wọ́n ní kúàtẹ́ẹ̀tì. Látìgbà ìwásẹ̀ ohùn mẹ́rin náà jọ máa ń lọ ní dọ́gbadọ́gba ni, ó mọ́, ó gún régé, kò sẹ́ni tó ń yọ jáde. Soul Stirrers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Trinity ní Tẹ́ksáàsì ní 1926, ló da ìyẹn rú lẹ́yìn tí R. H. Harris darapọ̀ mọ́ wọn ní 1937. Wọ́n mú ẹnì karùn-ún wọlé, kí àwọn méjì lè máa pín lílé láàárín ara wọn, kí ohùn mẹ́rin sì ṣì pé lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ń lé wá lómìnira gan-an, Harris lè dúró lẹ́yìn ìlù díẹ̀ kó tó bọ́ sí i, ó lè tún ọ̀rọ̀ kan pè lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè fò bọ́ sí ohùn tínrín ti òkè kó tún sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tó dùn jù nínú orin kúàtẹ́ẹ̀tì ni apá ìparí, tí wọ́n ń pè ní dúráìfù. Kọ́ọ̀dù á dẹ́kun láti máa yí, àwọn elégbè á mú gbólóhùn kékeré kan wọ́n á máa tún un sọ láìdáwọ́ dúró, ẹni tó ń lé á wá máa pariwo, á máa wàásù, á máa bẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀ títí àwọn èèyàn á fi dìde lórí àga. Tí orin sóòlù bá dé ìparí tí olórin ń ké tí ègbè ò yẹ̀, dúráìfù yẹn náà ni, wọ́n kàn gbé e wọ rẹ́kọ́ọ̀dù ni.

Harris kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 1950, wọ́n sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sam Cooke rọ́pò ẹ̀, ọmọ pásítọ̀, tí wọ́n bí ní Clarksdale ní Mississippi ní 1931 tó sì dàgbà sí Ṣìkágò. Ní 1951 wọ́n gba "Jesus Gave Me Water" sílẹ̀. Ohùn Cooke ò le tó ti Harris, kò sì lè ké bíi tiẹ̀. S. R. Crain tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ sọ pé nígbà tí Cooke ò lè dé nóòtì òkè kan, ńṣe ló fẹ́ gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, tó wá fi ohùn ká a yípo, bí "wóò-óò-óò" tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní 1956 ni nǹkan wá ṣẹlẹ̀. Soul Stirrers ní orin kan tó ń jẹ́ "Wonderful", Cooke mú un, ó yọ ìyìn Ọlọ́run kúrò, ó fi ọmọbìnrin kan sí i, orin náà di "Lovable". Ohùn orin náà kan náà ni, sílébù mẹ́ta rọ́pò sílébù mẹ́ta, kódà ibi tó ti ń yí ohùn ò kúrò níbi tó wà. Wọ́n gbé e jáde lórúkọ Dale Cook kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì má bàa mọ̀, àmọ́ ta ni ò ní mọ ohùn yẹn? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, "You Send Me" jáde lórúkọ ara ẹ̀, ó sì gba ipò kìíní lórí àtẹ pọ́ọ̀pù ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ inú orin yẹn ò pọ̀ rárá, yíyí ohùn ló gbé e.

Ray Charles ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú, láìjẹ́ pé òun jẹ́ ìlú-mọ̀ọ́ká nínú gọ́spẹ́lì. "I Got a Woman" tó gbà sílẹ̀ ní 1954, orin gọ́spẹ́lì àwọn Southern Tones tó ń jẹ́ "It Must Be Jesus" ló gbé e kà. Big Bill Broonzy tó jẹ́ àgbà nínú blúùsì ò fara mọ́ ọn, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí Ray ti máa ké bẹ́ẹ̀ yẹn.

Aretha Franklin

Wọ́n bí Aretha ní Mẹ́mfísì ní 1942, bàbá ẹ̀, Àlùfáà C. L. Franklin, ló sì ń darí ṣọ́ọ̀ṣì New Bethel Baptist ní Dìtírọ́ìtì. Clara Ward àti Mahalia Jackson, àwọn àgbà olórin gọ́spẹ́lì, máa ń wá sílé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n gba orin gọ́spẹ́lì ẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì bàbá ẹ̀.

Láti 1960 títí di 1966 ó wà ní ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia, ohùn náà dáa, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún un ní oríṣiríṣi orin tí ò bá a mu dáadáa. Ní 1967 Jerry Wexler ti ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Atlantic gbé e lọ sí sítúdíò FAME ní Muscle Shoals ní Alabáámà, ó ní kó jókòó sídìí dùùrù fúnra ẹ̀. Nǹkan kékeré ló dà bí, àmọ́ òun ló yí gbogbo nǹkan padà, torí olórin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tẹ dùùrù fún ara ẹ̀ ló mọ ìgbà tí òun fẹ́ dúró, òun ló mọ ìgbà tí kọ́ọ̀dù máa yí, ìlù á wá máa tẹ̀ lé ẹnu ẹ̀. "Respect" tó jáde lọ́dún yẹn, Otis Redding ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1965, àmọ́ kíkà lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ò sí nínú ti Otis, ègbè tí àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n Aretha, Carolyn àti Erma, ń gbè lẹ́yìn ẹ̀ náà ò sí níbẹ̀. Ìjọ New Bethel ni Aretha gbé wá sí sítúdíò.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí ohùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kó lọ gbọ́ "Amazing Grace" tó kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì New Temple Missionary Baptist ní Lọ́sáńjẹ́lẹ́ẹ̀sì, lóṣù kìíní 1972, òru méjì ni wọ́n fi gba álúbọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. Ohùn orin yẹn ò ju nóòtì márùn-ún lọ. Aretha lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó lé lórí ẹ̀, ẹsẹ orin díẹ̀ ló sì kọ. Ìlù ò lọ nísàlẹ̀ ẹ̀, dùùrù kàn ń tẹ̀ lé e ni, ó pe ìlà kan, ó yí sílébù kan lọ yí i bọ̀, ó dákẹ́, ìjọ dá a lóhùn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Orin Dókítà Watts gan-an nìyẹn, pẹ̀lú máìkì. James Cleveland, olórin gọ́spẹ́lì tó wà nídìí dùùrù, bú sẹ́kún, ó fi áńkáṣífù bojú. Álúbọ́ọ̀mù náà tà ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Whitney Houston àti pọ́ọ̀pù lẹ́yìn ẹ̀

Cissy Houston, ìyá Whitney, wà lára ẹgbẹ́ Sweet Inspirations tó gbè fún Aretha, òun ló sì ń darí kuáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì New Hope Baptist ní Newark, ibẹ̀ ni Whitney ti kọ́ orin. Nígbà tí Dolly Parton kọ́kọ́ gbé "I Will Always Love You" jáde ní 1974, orin kọ́ńtìrì jẹ́jẹ́ ni. Whitney bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1992 láìsí ohun èlò kankan, bí ìgbà tí èèyàn dìde lórí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì tó dá orin sílẹ̀, ó sì wà ní ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Lọ́nà àpọ́nlé ló ṣe lo yíyí ohùn níbẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ tán kó tó yí i. Mariah Carey ti jáde ní 1990 pẹ̀lú "Vision of Love", òun sì ti sọ pé àwọn Clark Sisters ti Dìtírọ́ìtì wà lára àwọn tí òun kọ́ ọ lára wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló di àṣejù. Gbogbo ẹni tó fẹ́ díje lórí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn sáré kọjá ọ̀pọ̀ nóòtì, yíyí ohùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ kuáyà ń pè ní rọ́ọ̀nù. Èyí tó dáa kò ṣòro láti dá mọ̀: nóòtì kọ̀ọ̀kan á dá dúró gbangba, kò ní yọ̀ bí ẹrẹ̀, á wọlé síbi tí ègbè ò ti sọ̀rọ̀, á sì balẹ̀ sórí nóòtì tó wà nínú kọ́ọ̀dù lásìkò tí kọ́ọ̀dù náà yí. Èyí tí ò dáa á gorí ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́, fáwẹ́lì á yí padà láàárín ọ̀nà, èémí á sì tán kó tó dé ilé.

Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe ní sítúdíò náà ní wàhálà tiẹ̀. Nóòtì gọ́spẹ́lì kan wà tó máa ń bọ́ sáàárín méjì tó wà lórí dùùrù, ó relẹ̀ díẹ̀ sí èyí tó yẹ, mọ̀ọ́mọ̀ ni, látìgbà Dókítà Watts ni. Tí wọ́n bá yí sọ́fítíwíà náà sí kíákíá, á fa nóòtì yẹn lọ sórí èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ, rọ́ọ̀nù á wá dà bí àtẹ̀gùn, ohùn ò ní ká mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹnjiníà tó mọṣẹ́ fi máa ń pa á níbi rọ́ọ̀nù, tàbí kí wọ́n dín ìyára ẹ̀ kù.